Kọ́kọ́rọ́ nọ́ọ̀tì táyà mi kò sí, táyà ẹ̀yìn sì ti jò: báwo ni mo ṣe máa tú u láìba ríìmù jẹ́?

Tísà Aròwómọlẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Tòkunbọ̀ Tóyótà Kámúrì ọdún 2005 ni mo ń wà, ó sì ti tó ọdún kan tí mo ti rà á. Ní àná, bí mo ṣe ń bọ̀ láti Ọ̀yọ́, táyà ẹ̀yìn lápá òsì bẹ̀rẹ̀ sí í jò nígbà tí mo kọjá Odò Ọbà. Mo ń yà lọ́dọ̀ àwọn fọkanáísà kí wọ́n fẹ́ ẹ fún mi títí mo fi dé ilé ní Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tí mo fẹ́ tú u láàárọ̀ yìí ni mo tó kíyè sí i pé nínú nọ́ọ̀tì márùn-ún tó wà lára ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan kò jọ àwọn yòókù. Ó rí róbótó, kò ní igun kankan tí sípánà lè dì mú, wọ́n sì gbẹ́ ihò kan tó ní ìlà wíwọ́ bí ewé òdòdó sí orí rẹ̀.

Ọmọkùnrin tó máa ń bá mi tún ọkọ̀ ṣe sọ pé nọ́ọ̀tì oníkọ́kọ́rọ́ ni, pé irin kékeré kan wà tí wọ́n máa ń kì bọ ojú rẹ̀ kí sípánà tó lè yí i. Èmi kò fojú kan irin bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí mo ti gba ọkọ̀ náà. Mo ti tú nọ́ọ̀tì mẹ́rin yòókù lára ẹsẹ̀ náà, ọ̀kan yìí nìkan ló kù. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe máa tú u, irú nọ́ọ̀tì wo ni mo sì máa fi rọ́pò rẹ̀?

Ìyá Àlàbá

Ẹ pẹ̀lẹ́, Tísà. Nígbà tí kọ́kọ́rọ́ tèmi bọ́ sọnù sí Ọjà-Ìgbò, ẹnì kan ló wá láti Ìlọrin pẹ̀lú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó gé òmíràn fún mi, ó sì fi mọ ọkọ̀ náà kí ẹ́ńjìnnì tó gbà láti ṣíṣẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba yín nímọ̀ràn pé kí ẹ fọ́ gíláàsì ilẹ̀kùn, nítorí owó gíláàsì ju owó kọ́kọ́rọ́ lọ.

Tísà Aròwómọlẹ̀

Ẹ ṣeun, ìyá wa. Kọ́kọ́rọ́ tí mo fi ń ṣí ilẹ̀kùn wà lọ́wọ́ mi. Irin tí wọ́n fi ń tú nọ́ọ̀tì táyà ni mo ń wá, òun ni wọ́n ń pè ní kọ́kọ́rọ́.

Ọmọ Ìsàlẹ̀-Ọ̀ra

Ọ̀rọ̀ yìí kò le rárá. Ẹ gbé ọkọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń jó irin, kí wọ́n jó nọ́ọ̀tì ńlá kan mọ́ orí èyí tó kọ̀ láti tú, kí wọ́n sì fi sípánà yí méjèèjì pọ̀. Kò lè gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ní ti èyí tí ẹ máa rà, nọ́ọ̀tì kan kò yàtọ̀ sí òmíràn bí eyín rẹ̀ bá ti gba sítọ́ọ̀dù, ìyẹn irin eléyín tí nọ́ọ̀tì ń yí wọ̀, tó wà nínú họ́ọ̀bù tí ríìmù ń jókòó lé. Èmi ti lo oríṣiríṣi nọ́ọ̀tì pọ̀ lára ọkọ̀ kan ṣoṣo, ọkọ̀ náà kò sì ṣe mí ní nǹkan kan.

Àgbà Mẹkáníìkì Tákíè

Tísà, ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe kí ẹ tó ka ọ̀rọ̀ yìí tán ni pé kí ẹ dá nọ́ọ̀tì mẹ́rin tí ẹ tú yẹn padà sí àyè wọn, kí ẹ sì fún wọn dáadáa. Nígbà tí márùn-ún bá wà níbẹ̀, gbogbo wọn ló jọ ń di ríìmù mú. Bí ẹ bá tú mẹ́rin, gbogbo ẹrù bọ́ sórí ọ̀kan tó kù nìyẹn, ríìmù á fì díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, á sì há nọ́ọ̀tì náà mọ́lẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Oníkọ́kọ́rọ́ ni a máa ń kọ́kọ́ tú, nígbà tí àwọn yòókù ṣì le pin-pin. Bí ó bá ń ṣe agídí, mo tilẹ̀ máa ń fún àwọn méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní díẹ̀ sí i, kí wọ́n lè gba lára ẹrù náà kúrò lórí rẹ̀.

Àbúrò mi Ìsàlẹ̀-Ọ̀ra, mo ti rí i kí wọ́n jó irin mọ́ nọ́ọ̀tì, mo sì mọ̀ pé ó máa ń tú lóòótọ́. Èmi kì í ṣe é, n kò sì jẹ́ kí ọmọṣẹ́ mi kankan ṣe é nígbà tí táyà bá ṣì wà lára ríìmù. Ooru iná yẹn máa ń gba inú ríìmù dé ibi tí rọ́bà ti fara kàn án, rọ́bà náà á bẹ̀rẹ̀ sí í jó lábẹ́lẹ̀, á sì máa tú èéfín gbígbóná tó lè gbiná sínú táyà. Táyà lè bú gbàù látàrí rẹ̀. Bí ẹ tilẹ̀ ti tú afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ dànù, ewu náà kò tán, nítorí pé èéfín yẹn ni ó ń kó ara jọ níbẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, alumíníọ́ọ̀mù ni ríìmù Kámúrì yẹn, ooru sì máa ń dín agbára alumíníọ́ọ̀mù kù láìjẹ́ pé ojú rí i.

Kí ẹ tó ronú nípa òòlù, ẹ wá kọ́kọ́rọ́ náà fún odidi wákàtí kan. Ẹ gbé sípíà táyà kúrò nínú bùútù kí ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ àti inú fóòmù tó wà láàárín rẹ̀. Ẹ tú àpò jáàkì àti sípánà wò, ẹ wo àpótí iwájú èrò, ẹ wo inú ibi tí wọ́n ń kó eérú sìgá sí, ẹ wo abẹ́ àga. Irin kúkúrú ni, kò ju àtàǹpàkò ọkùnrin lọ ní gígùn, òkè rẹ̀ ní igun mẹ́fà bíi ti nọ́ọ̀tì lásán, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ní ìlà wíwọ́ tó bá ti ojú nọ́ọ̀tì mu. Ẹ wá káàdì kékeré kan pẹ̀lú rẹ̀ tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí. Ẹni tó bá ní nọ́ńbà yẹn lè ra kọ́kọ́rọ́ mìíràn lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà Tóyótà láìtú nǹkan kan wò.

Fọkanáísà Ọjà-Ìgbò

Mo fi ti Àgbà kún un. Ọ̀pọ̀ kọ́kọ́rọ́ yìí, inú sọ́kẹ́ẹ̀tì àwa fọkanáísà ló ń há sí. A máa kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, a máa fi tú táyà, iṣẹ́ á pọ̀, oníbàárà á sì ti lọ kí a tó rántí. Ẹ padà sọ́dọ̀ ẹni tó bá yín pààrọ̀ táyà kẹ́yìn, kí ẹ bẹ̀ ẹ́ kí ó da gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sílẹ̀. Mo ní agolo kan nínú ṣọ́ọ̀bù tí mo ń kó irú rẹ̀ sí, mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀ báyìí, n kò sì mọ ẹni tó ni wọn. Ẹ lè wá dán wọn wò, ṣùgbọ́n kí ẹ mọ̀ pé àwòrán orí wọn pọ̀ gan-an, bí kò bá wọlé fúnra rẹ̀, ẹ má fi òòlù kàn án bọ̀ ọ́.

Ẹ̀bẹ̀ kejì ni pé nígbà tí ẹ bá rí kọ́kọ́rọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìbọn afẹ́fẹ́ lu ú. Ọwọ́ àti ọ̀pá ni kí ẹ lò. Etí kọ́kọ́rọ́ yẹn fẹ́lẹ́, ìbọn máa ń kán an sínú ojú nọ́ọ̀tì, ìṣòro á sì wá di méjì.

Gọ́ọ̀fù Ọ̀yọ́

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi rèé. Fọsiwágìnì Gọ́ọ̀fù ni tèmi, kò sì ní sítọ́ọ̀dù rárá, bóòtù ni wọ́n ń yí wọ inú họ́ọ̀bù tààrà. Nígbà tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sọnù, mo rí ẹnì kan ní Ìbàdàn tó ní odidi páálí kọ́kọ́rọ́ oríṣiríṣi, ó sì rí èyí tó bá a mu. Ṣé Tísà kò ní lè rí irú ẹni bẹ́ẹ̀? Ìdí bóòtù tèmi rí róbótó bí ìdajì bọ́ọ̀lù, ẹni náà sì kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọ́dọ̀ fi èyí tí ìdí rẹ̀ rí ṣóńṣó sí i.

Tísà Aròwómọlẹ̀

Mo ti dá nọ́ọ̀tì mẹ́rin náà padà, ara mi sì balẹ̀ díẹ̀. Mo tú gbogbo bùútù wò, n kò rí kọ́kọ́rọ́, n kò sì rí káàdì, ìwé ọkọ̀ náà gan-an kò bá a wá. Mo lọ sí Ọjà-Ìgbò láti dán mẹ́sẹ̀ẹ̀sán inú agolo wò, ọ̀kan jọ ọ́ púpọ̀, ṣùgbọ́n ìlà tèmi jẹ́ mẹ́fà, tirẹ̀ sì jẹ́ méje. Fọkanáísà ṣe mí lóore nítorí pé ó fi irinṣẹ́ ìwọ̀n rẹ̀ wọn ẹ̀yìn nọ́ọ̀tì náà fún mi, ó sì jẹ́ mílímítà 21 àti ààbọ̀ ní ìbú. N kò lè dúró de ẹni Ìbàdàn, nítorí ilé-ìwé ń dúró dè mí lọ́jọ́ Ajé.

Àgbà Mẹkáníìkì Tákíè

Ó dára, a lè tẹ̀ síwájú. Ẹ kọ́kọ́ fi ìka yín yí ẹ̀yìn nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan wò. Àwọn kan ní òrùka tó wọ̀ wọ́n lára, òrùka náà a sì máa yí lásán láìyí nọ́ọ̀tì fúnra rẹ̀. Nítorí irú ohun tí a fẹ́ ṣe yìí gan-an ni wọ́n ṣe fi òrùka náà sí i. Bí ẹ bá rí èyí tó ń yí, ẹ fi í sílẹ̀ fún mi. Ọ̀nà tí mo máa sọ yìí wà fún àwọn tí ẹ̀yìn wọn dúró gbọn-in.

Ẹ wá sọ́kẹ́ẹ̀tì onígun méjìlá tó jẹ́ 21, kì í ṣe onígun mẹ́fà, nítorí igun méjìlá máa ń fi eyín rẹ̀ bu irin jẹ níbi púpọ̀. Nọ́ọ̀tì yín jẹ́ 21 àti ààbọ̀, ìyẹn ni pé sọ́kẹ́ẹ̀tì kéré sí i ní ìdajì mílímítà, ìdajì yẹn ni ó máa di í mú. Èyí tó ti gbó ni kí ẹ lò, ẹ má ba tuntun jẹ́, kí ara rẹ̀ sì fẹ́lẹ́ tó láti wọ inú ihò ríìmù láìha á. Ọkọ̀ wà nílẹ̀, kò sí lórí jáàkì. Ẹ fa búréèkì ọwọ́, ẹ fi òkúta há táyà iwájú. Ẹ wọ́n epo tó ń tú ìpẹtà sí ẹ̀yìn nọ́ọ̀tì, kí ó dúró fún ìdajì wákàtí. Ẹ wọ gíláàsì sí ojú, nítorí sọ́kẹ́ẹ̀tì máa ń fọ́, èèpá rẹ̀ sì máa ń fò bí ọta.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé sọ́kẹ́ẹ̀tì lé e ní tààrà kí ẹ sì fi òòlù tí kò wúwo ju kílò kan àti ààbọ̀ lọ kàn án wọlé. Òòlù kékeré lọ́pọ̀ ìgbà sàn ju òòlù ńlá lẹ́ẹ̀kan, nítorí ìlù yẹn ń kọjá gba inú họ́ọ̀bù dé bíárì, bíárì tó bá jìyà báyìí á sì bẹ̀rẹ̀ sí í hó lẹ́yìn oṣù díẹ̀, nígbà tí kò sí ẹni tó rántí ohun tó fà á mọ́. Etí yín ló máa sọ fún yín nígbà tó bá ti wọlé: ìró rẹ̀ á yí padà láti orí èyí tó ń dún kẹ̀kẹ̀ sí èyí tó ki. Nígbà náà ni kí ẹ wá fi ọ̀pá gígùn sí i, kí ẹ sì rọra tẹ̀ ẹ́ láìfi ìbínú já a. Bí ó bá gbà, ẹ máa tú u lọ ní tààrà. Bí ó bá yọ̀ lára nọ́ọ̀tì, ẹ má tún un ṣe níbi kan náà ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ, nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ á di dídán, kò sì ní í ṣeé dì mú mọ́. Nọ́ọ̀tì náà á há sínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ fi irin tọ́ ọ láti ẹ̀yìn kí ó jáde, kí ẹ tó lọ sí ẹsẹ̀ kejì.

Tísà Aròwómọlẹ̀

Àbọ̀ rèé o, lẹ́yìn ọjọ́ méjì. Mẹ́ta ti jáde! Èyí tó wà lára táyà tó jò ló gba àsìkò jù, sọ́kẹ́ẹ̀tì yọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀kejì ó dì í mú, mo sì gbọ́ ìró tí ó ń ki gẹ́gẹ́ bí Àgbà ṣe sọ. Sọ́kẹ́ẹ̀tì kejì fọ́ lára ẹsẹ̀ iwájú, gíláàsì ojú ló kó mi yọ. Èyí tó wà lápá ọ̀tún níwájú ni ẹ̀yìn rẹ̀ ń yí lásán, mo sì ti fi í sílẹ̀.

Mo ra nọ́ọ̀tì mẹ́ta ní ọjà. Ẹni tó tà á sọ pé ti Tóyótà ni, eyín rẹ̀ sì wọ sítọ́ọ̀dù láìsí wàhálà. Mo kì wọ́n bọ̀ ọ́, mo fún wọn, mo sì wa ọkọ̀ náà lọ sí ilé-ìwé. Nígbà tí mo dé, mo fọwọ́ kan wọn, ọ̀kan ti dẹ̀. Mo fún un padà, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀. Ohun tí mo rí ni pé nọ́ọ̀tì Tóyótà tó bá ọkọ̀ wá ní ọrùn gígùn tó wọ inú ihò ríìmù, wáṣà pẹlẹbẹ kan sì wà lára rẹ̀ tí ó ń yí lọ́tọ̀. Èyí tí mo rà kò ní wáṣà, ìdí rẹ̀ rí ṣóńṣó.

Àgbà Mẹkáníìkì Tákíè

Tísà, ẹ má tún wa ọkọ̀ yẹn kúrò ní ilé-ìwé títí ẹ ó fi yọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó sàn kí ẹ fi nọ́ọ̀tì mẹ́rin tó tọ́ rìn díẹ̀díẹ̀ lọ sí ọjà ju kí ẹ fi márùn-ún tí ọ̀kan ń tan yín jẹ lọ.

Ẹ wo inú ihò ríìmù yín dáadáa. Ihò náà lọ tààrà bí ihò páìpù, etí rẹ̀ ní òkè sì pẹlẹbẹ. Ọrùn nọ́ọ̀tì á wọ inú rẹ̀ láti mú ríìmù dúró láàárín, wáṣà á sì tẹ etí pẹlẹbẹ náà mọ́lẹ̀. Onídìí ṣóńṣó kò rí ibi tí ó lè jókòó sí níbẹ̀. Etí ihò nìkan ni ó kàn, ìlà tín-ín-rín kan yípo ni, alumíníọ́ọ̀mù sì rọ̀ ju irin nọ́ọ̀tì lọ. Bí ọkọ̀ bá ti ń rìn, etí yẹn á máa rún wọlé díẹ̀díẹ̀, ìfún tí ẹ fún un á sì máa dínkù. Ìdí rẹ̀ tí ó fi dẹ̀ nìyẹn. Kì í ṣe pé ẹ kò fún un tó, bí ẹ bá tún fún un le sí i, ẹ kàn ń ba etí ihò jẹ́ ni.

Ẹ lè fi ẹfun dán an wò bí ẹ kò bá gbà mí gbọ́. Ẹ fi ẹfun kun ìdí nọ́ọ̀tì, ẹ fi ọwọ́ lásán yí i dé ìparí, ẹ fi sípánà fún un díẹ̀, kí ẹ sì tú u. Èyí tó bá bá ríìmù mu, ẹfun á ti nù kúrò lára rẹ̀ ní ojú tó fẹ̀. Èyí tí kò bá a mu, ìlà kan ṣoṣo bí òwú ni ẹ máa rí.

Ọmọ Ìsàlẹ̀-Ọ̀ra

Àgbà, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ọ̀rọ̀ yìí ta kókó. Sípíà táyà tó wà nínú Kámúrì, irin dúdú ni ríìmù rẹ̀, ihò rẹ̀ sì rí ṣóńṣó. Nọ́ọ̀tì ọlọ́rùn gígùn kan náà ni a fi ń dè é bí táyà bá jò lójú ọ̀nà. Bí nọ́ọ̀tì ọlọ́rùn bá lè jókòó sínú ihò ṣóńṣó, kí ló dé tí ti ṣóńṣó kò fi lè jókòó sí ti ọlọ́rùn?

Àgbà Mẹkáníìkì Tákíè

O rí i dáadáa, àbúrò, inú mi sì dùn pé o béèrè. Yọ ọ̀kan nínú nọ́ọ̀tì Tóyótà yẹn kí o wo ẹnu ọrùn rẹ̀ nísàlẹ̀. Wọ́n gé ẹnu rẹ̀ ní ṣóńṣó. Nígbà tí ó bá wà lára alumíníọ́ọ̀mù, wáṣà ni ó ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí o bá gbé e lé sípíà onírin, ẹnu ṣóńṣó yẹn ni ó ń jókòó. Àwọn tó ṣe é ti ronú nípa méjèèjì. Nọ́ọ̀tì ṣóńṣó lásán kò ní ọrùn, kò sì ní wáṣà, nítorí náà kò ní ohun tó lè fi ṣe iṣẹ́ kejì. Ohun tí o sọ tẹ́lẹ̀ pé eyín nìkan ló ṣe pàtàkì, ìdajì òótọ́ ni. Ọ̀pọ̀ Tóyótà àti Họ́ńdà ní sítọ́ọ̀dù tó dọ́gba, mílímítà 12, tí àyè eyín rẹ̀ jẹ́ 1.5. Ìwọ lè yí nọ́ọ̀tì Họ́ńdà wọ Tóyótà pẹ̀lú ìka méjì, ṣùgbọ́n róbótó bíi bọ́ọ̀lù ni ìdí ti Họ́ńdà. Ó wọlé lóòótọ́, kò sì jókòó.

Gọ́ọ̀fù Ọ̀yọ́

Ṣé ẹ rí i? Ohun tí ẹni Ìbàdàn sọ fún mi náà nìyẹn. Mo fẹ́ béèrè o, bí ènìyàn bá ra ríìmù olówó ńlá ní ọjà tí kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀, èwo ni yóò lò?

Àgbà Mẹkáníìkì Tákíè

Ríìmù ni kí ẹ tẹ̀ lé, ẹ má wo orúkọ ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ jù lọ ríìmù ọjà ló ní ihò ṣóńṣó, nítorí náà bí ẹ bá bọ́ ríìmù ilé-iṣẹ́ kúrò, ẹ gbọ́dọ̀ pààrọ̀ nọ́ọ̀tì tàbí bóòtù pẹ̀lú.

Tísà, ẹ lọ sí Àràrọ̀mí ní Ìbàdàn, tàbí kí ẹ rán ẹni tó ń lọ. Ẹ mú nọ́ọ̀tì tó bá ọkọ̀ wá dání, kí ẹ gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ìbú ọrùn gbọ́dọ̀ dọ́gba, gígùn rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ dọ́gba, nítorí bí ọrùn bá gùn jù, ẹnu rẹ̀ á ti kàn irin ẹ̀yìn kí wáṣà tó fọwọ́ kan ríìmù, yóò sì dà bí ẹni pé ó ti le nígbà tí kò di nǹkan kan mú. Nígbà tí ẹ bá ń yí i, ẹ máa kà á: ó kéré tán, kí ó yí ní ìgbà mẹ́jọ kí ó tó le.

Ìwọ̀n ìfún tí ilé-iṣẹ́ fún Kámúrì yẹn jẹ́ níútìn-mítà 103. Bí ẹ kò bá ní sípánà onídiwọ̀n, ẹ mú ọ̀pá tó jẹ́ ìdajì mítà láti àárín nọ́ọ̀tì dé ibi tí ẹ ti dì í mú, ẹ so òṣùwọ̀n onísípíríìngì tí àwọn alápatà fi ń wọn ẹran mọ́ ìparí rẹ̀, kí ẹ sì fà á ní ìbú, kí ó má dagun, títí ó fi ka kílò 21. Ó súnmọ́ ọn dáadáa. Ẹ máa fún wọn ní ìdojúkọra bí ìràwọ̀, ẹ má yí wọn lọ ní òbìrípo. Bí ẹ bá ti rin bí kìlómítà 80 sí 100, ẹ tún wọn wò lẹ́ẹ̀kan sí i, ìyẹn súnmọ́ pé kí ẹ lọ sí Ìlọrin kí ẹ sì padà.

Fọkanáísà Ọjà-Ìgbò

Tísà, ẹ má tún ra oníkọ́kọ́rọ́ mọ́. Nọ́ọ̀tì lásán márùn-ún ni kí ẹ fi sí i. Tí táyà bá jò lóru lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́, kọ́kọ́rọ́ yẹn ni ẹ kò ní rí.

Gọ́ọ̀fù Ọ̀yọ́

Èmi kò fara mọ́ ọn. Wọ́n ti jí ríìmù mẹ́rin lára ọkọ̀ ẹnì kan ní àdúgbò wa lóru ọjọ́ kan, wọ́n gbé ọkọ̀ náà lé búlọ́ọ̀kù. Ẹni tó bá fẹ́ ríìmù rẹ̀ kò ní yọ nọ́ọ̀tì oníkọ́kọ́rọ́.

Fọkanáísà Ọjà-Ìgbò

Olè tó ní òòlù àti sọ́kẹ́ẹ̀tì gbígbó kò ju Tísà lọ ní agbára. Bí Tísà bá lè tú mẹ́ta ní ọjọ́ méjì láìkọ́ iṣẹ́, ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò.

Àgbà Mẹkáníìkì Tákíè

N kò ní dá ẹjọ́ yín. Àwọn ríìmù Kámúrì ọdún 2005 kò fa olè tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ríìmù ńlá olówó, èmi náà lè fi sí i. Bí Tísà bá fi sí i, kí ó so kọ́kọ́rọ́ náà mọ́ jáàkì pẹ̀lú wáyà, kí ó sì ya fọ́tò nọ́ńbà ara káàdì rẹ̀ sórí fóònù.

Ní ti ẹsẹ̀ ọ̀tún níwájú tí òrùka rẹ̀ ń yí, ẹ gbé e wá ní Sátidé. Mo máa fi ṣísẹ́ẹ̀lì la òrùka náà, irin rẹ̀ fẹ́lẹ́, kí n sì wá kan sọ́kẹ́ẹ̀tì lé ohun tó kù nínú rẹ̀. Bí ìyẹn bá kọ̀, mo ní sọ́kẹ́ẹ̀tì kan tó ní eyín òdì nínú, bí a bá ṣe ń yí i síhà títú ni ó ń bu irin jẹ wọlé sí i. Ó lè já sí pé kí sítọ́ọ̀dù kán, kí ẹ má bẹ̀rù: irin ni, a máa ń fi òòlù lé e jáde sẹ́yìn họ́ọ̀bù, a sì fi tuntun sí i. Ẹ ra ọ̀kan ní Àràrọ̀mí pẹ̀lú àwọn nọ́ọ̀tì kí a má baà dúró.

Tísà Aròwómọlẹ̀

Mo ti yọ àwọn mẹ́ta tí mo rà. Etí ihò kan ti rún díẹ̀ lóòótọ́, ó tó bí ìpẹ́ èékánná, ẹfun sì fi ìlà tín-ín-rín yẹn hàn mí. Ṣé ríìmù náà ṣì ṣeé lò, Àgbà?

Àgbà Mẹkáníìkì Tákíè

Ẹ mú un wá ní Sátidé kí n fi ìka tọ́ ọ wò. Bí wáṣà bá ṣì lè jókòó yípo láìfì, ó ṣeé lò. Bí ó bá ti wó wọlé ní ẹ̀gbẹ́ kan, n kò ní lè sọ bẹ́ẹ̀.